Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo sọ, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbọ́

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ń wáyé. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀, èmi á gbà á, màá sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tó wà nínú ìpàdé náà. Ohùn mi ni irinṣẹ́ mi. Síbẹ̀, fún bí ọdún méjì, n kò mọ bí ohùn yẹn ṣe ń dún nígbà tó bá dé etí àwọn tó ń gbọ́ mi.

Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù ló là mí lójú. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún àwọn kan pé kí wọ́n kó ìwé wọn wá, wọ́n wá sún ọjọ́ náà síwájú. Mo túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Wọ́n ti sún un sí ọjọ́ kẹsàn-án." Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kẹfà, obìnrin kan nínú wọn fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Òru méjì ni kò fi sùn kó lè bá ọjọ́ náà, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọjọ́ kẹfà ni." Mo ní rárá, kẹsàn-án ni mo sọ. Ó ní òun gbọ́ mi ketekete.

Wọ́n máa ń gba ohùn ìpàdé wa sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó o ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí, mi ò sọ nǹkan kan." Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn kan tó dà bíi pé inú àgbá ni ẹni náà wà. Ọ̀rọ̀ náà kọjá, ó dá a padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, èmi tí mo sọ ọ́ fúnra mi kò sì lè búra bóyá "sún un" ni tàbí "fún un". Ibi tí "kẹsàn-án" yẹ kó wà, "kẹ" wà níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó parẹ́. Ẹni tó bá ti ń retí ọjọ́ kẹfà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kẹfà ló máa gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ohùn yín á máa já, á tún máa padà wá. Tiyín ò já rárá. Bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ kí wa, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tẹ́ ẹ dágbére." Ó wá sọ ohun kan tí mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí láti ìgbà náà: kí n pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi níbẹ̀, kí n sì tẹ́tí sí i. Bí ohùn náà bá burú láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé ilé mi ni ọ̀ràn wà. Bó bá dára níbẹ̀ tó sì ń burú nínú ìpàdé, ìgbà yẹn la lè dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi.

Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà. Lórí Windows, Sound Recorder ni ẹ máa fi gba ohùn sílẹ̀; lórí Mac, QuickTime Player tó ohun gbogbo. Linux ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń lò, ìlà àṣẹ méjì tó ń tẹ̀ sínú Terminal ló sì fi ń ṣe tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ á gba ohùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, èkejì á sì sọ ọ́ jáde:

```
arecord -d 10 -f cd idanwo.wav
aplay idanwo.wav
```

Mo wá gbólóhùn kan tó máa dán ẹ̀rọ náà wò dáadáa, nítorí "ẹ ń gbọ́ mi àbí?" kò lè fi nǹkan kan hàn. Kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ìyẹn, ì báà jẹ́ láti ìdí kànga. Gbólóhùn tèmi ni: "Ẹ sún un sí ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ má fún un ní ọjọ́ kẹfà." Ẹ ó rí i pé "sún" àti "fún" wà nínú rẹ̀, "kẹsàn-án" àti "kẹfà" náà sì wà. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà, láti orí àga kan náà. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ nìkan ni mo ń pààrọ̀: lákọ̀ọ́kọ́, máìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, lẹ́ẹ̀kejì, íápíìsì Bulutúùtù tí mo fi ń ṣe gbogbo ìpàdé, lẹ́ẹ̀kẹta, íápíìsì oníwáyà tó bá fóònù mi àtijọ́ wá, tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́.

Oníwáyà yẹn ló borí. Kì í ṣe pé ó fi díẹ̀ borí o. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni ohùn ara mi gan-an, "s" ń dún bíi "s", "-án" ìkẹyìn sì pé. Bulutúùtù tó gbówó lórí jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbẹ̀yìn, òun ló sì ni ohùn inú àgbá yẹn.

Ó ká mi lára púpọ̀, nítorí pé tí mo bá ń fi íápíìsì náà gbọ́ orin, ó ń dún dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni Bulutúùtù ní fún ohùn. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin lásán, ọ̀nà tó gbòòrò ló ń lò, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gbé ohùn wá sí etí yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí áàpù kan bá ní òun fẹ́ lo máìkì tó wà lára íápíìsì náà, ó di dandan kí ohùn máa lọ kó sì máa bọ̀, ọ̀nà náà á sì pààrọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù. Nínú èyí tó ti pẹ́ jù, ìgbà 8,000 ni ó ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ẹ̀rọ bá wọn ní ìgbà 8,000 kò lè gbé ìró tó bá ga ju hẹ́ẹ̀tísì 4,000 lọ, ìdajì rẹ̀ nìyẹn; hẹ́ẹ̀tísì ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 16,000, ìyẹn sàn díẹ̀. Orin inú síídì, ìgbà 44,100 ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa gan-an. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà. Gíga ohùn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ kì í sábà ju hẹ́ẹ̀tísì ọgọ́rùn-ún kan sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Máìkì tó burú tó báwo náà, àmì ohùn máa ń là á já. Ṣùgbọ́n èémí tó ń sú jáde láàárín eyín tí a bá pe "s", láti bíi hẹ́ẹ̀tísì 4,000 lọ sókè ni agbára rẹ̀ wà. Ìyẹn gan-an ni Bulutúùtù ń gé dànù. Ohun tó kù lára "s" lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí "f". "Ṣ" ń rù ú là díẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbọ́ mi kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ohùn èyí tó kù lára ọ̀rọ̀ náà pé, ìlù rẹ̀ pé. "Kẹfà" bẹ̀rẹ̀ ní ohùn àárín, ó sọ̀ kalẹ̀. "Kẹsàn-án" náà bẹ̀rẹ̀ ní ohùn àárín, ó sọ̀ kalẹ̀, "-án" tó yẹ kó gbé e gòkè sì ti parẹ́. Etí á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò tó wà níbẹ̀, á sì sọ fún onítọ̀hún pé ó gbọ́ ketekete. Ìdí nìyí tí obìnrin yẹn fi búra. Kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò purọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá íápíìsì Bulutúùtù yín ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá ṣí ìpàdé kan nígbà tí orin náà ṣì ń dún. Tí orin náà bá ṣàdédé rẹlẹ̀, tó dún bíi rédíò tó wà ní yàrá kejì, ọ̀nà ti pààrọ̀ nìyẹn. Lórí Windows 10, orúkọ méjì ni íápíìsì kan náà máa ń ní nínú àkójọ ẹ̀rọ ohùn: ọ̀kan ní Stereo lẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì ní Hands-Free. Èyí tó ní Hands-Free ni ti ìpè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Nínú Zoom, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán máìkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi íápíìsì Bulutúùtù sí ibi Speaker, kí ẹ sì mú máìkì mìíràn níbi Microphone. Bó bá ti jẹ́ pé etí nìkan ni ẹ ń fi í ṣe, kò ní pààrọ̀ ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ní LE Audio, ọ̀nà ohùn tuntun ti Bulutúùtù, ti ń wá ojútùú sí i, ṣùgbọ́n íápíìsì náà àti kọ̀ǹpútà náà ni ó gbọ́dọ̀ ní i, kò tó kí ẹyọ kan ní i.

Máìkì inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó sàn ju Bulutúùtù mi lọ, ṣùgbọ́n kò dára tó fún iṣẹ́ mi. Máìkì náà fúnra rẹ̀ kì í sábà burú. Ibi tó wà ni ìṣòro. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti ẹnu mi dé ibi tí ihò máìkì náà wà, sẹ̀ǹtímítà 60 ni. Kíbọ́ọ̀dù wà lábẹ́ rẹ̀, fáànù tó ń tu kọ̀ǹpútà lára wà nítòsí rẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń ju ohùn mi padà sí i. Máìkì kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ gbohùngbohùn ògiri. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó.

Bí ẹ bá dín àlàfo láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn tó ń lọ tààrà láti ẹnu síbẹ̀ á fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6 lágbára sí i; òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ìró. Láti 60 sí 30 jẹ́ ìdajì kan, láti 30 sí 15 jẹ́ ìdajì kejì. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 12 nìyẹn, ìlọ́po 16 ní agbára. Ariwo fáànù àti gbohùngbohùn ògiri kò sì kúrò ní ibi tí wọ́n wà. Ohun tí íápíìsì oníwáyà àtijọ́ yẹn fi borí nìyẹn: máìkì rẹ̀ kékeré bí orí ìṣáná, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 15 ni ó fi jìnnà sí ẹnu mi.

Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún fi ohùn ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti padà sí ti kọ̀ǹpútà ni? Mò ń gbọ́ fáànù." Mo wo ara mi, wáyà wà létí mi. Ó ní kí n fi èékánná gbá máìkì tó wà lára wáyà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí n máa wo ọ̀pá aláwọ̀ ewé tó ń gòkè ní ibi ètò ohùn. Mo gbá a. Kò mira. Ó ní kí n gbá ara kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá náà fò sókè.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, etí mi nìkan ni wáyà náà ń bá ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ṣì ń gbọ́ mi. Ẹnu wáyà náà ní òrùka dúdú mẹ́ta tó pín in sí apá mẹ́rin, ọ̀kan nínú apá wọ̀nyẹn ni ti máìkì. Ihò kọ̀ǹpútà mi kò ní ibi tó ń gba apá kẹrin, ti ìgbọ́ràn nìkan ni. Kọ̀ǹpútà tó ní ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà kékeré kan tó ń so íápíìsì mọ́ ojú USB ló yanjú tèmi, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í wọ ìpàdé kankan láì gbá máìkì mi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú èékánná kí n tó sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni. Orúkọ tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ lè tan ni jẹ, ọ̀pá tó ń fò sókè kì í tan ni.

Oníwáyà ní àléébù tirẹ̀. Máìkì náà máa ń fara họ aṣọ, pàápàá aṣọ tó ní ọrùn gíga, ó sì máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ewé gbígbẹ nílẹ̀. Mo ń fi pín-ìn-nì aṣọ so wáyà náà mọ́ àyà mi kó má baà rìn. Bí ẹ bá sì fi ọwọ́ gbé e sí iwájú ẹnu gan-an, èémí á máa lù ú. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló dára, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí èémí lè gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó yá, mo ra máìkì USB tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Ó tóbi, ó wuyì, mo sì gbé e sí ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù, ibi tí kò ti ní dí mi lójú. Mo tún sọ gbólóhùn mi. Ó burú ju wáyà lọ! Mo ti gbàgbé ẹ̀kọ́ sẹ̀ǹtímítà, mo rò pé bó ṣe tóbi á ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbé e wá sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu mi, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ó wá dára ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe orí. Mo bá ẹnì kan pàdé tó ti ń sọ̀rọ̀ sí orí tirẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ fèrè, ó sì ń ṣe kàyéfì pé òun ń dún bíi pé òun wà lọ́nà jíjìn. Ẹ má gbé e lé orí tábìlì tí kíbọ́ọ̀dù wà láì fi aṣọ nípọn tẹ́ ẹ nídìí, nítorí pé igi tábìlì ń gbé ìró ìka yín lọ síbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tó ń jẹ "-án" mi. Ìpàdé bíi Zoom máa ń fọ ariwo kúrò nínú ohùn kó tó fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ìfọ̀ yìí sí High, ìró tó bá rọlẹ̀ ní ìparí gbólóhùn, ó lè kà á sí ariwo, kó sì gé e. Yorùbá ń parí ọ̀rọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì tí èémí ti ń tán nídìí rẹ̀. Nígbà tí máìkì mi ṣì jìnnà, High wúlò, nítorí pé ariwo pọ̀. Ní báyìí tí máìkì ti súnmọ́ mi, Low ló wà, ìparí ọ̀rọ̀ mi sì pé. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí Zoom ṣe ń ṣe ohùn yín gan-an, ẹ lọ sí zoom.us/test; á gba ọ̀rọ̀ yín, á sì sọ ọ́ padà fún yín láì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo ti lo àkókò púpọ̀ lórí ohùn nítorí pé ohùn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí àwòrán bá burú, wọ́n á ṣì máa gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo ẹnu ògbufọ̀, mo sì gbà pé bí wọ́n bá rí ètè mi nígbà tí mo pe "s", ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbọ́ "f". Nítorí náà n kò fi kámẹ́rà ṣeré.

Àwòrán mi máa ń dúdú, ó sì kún fún hóró-hóró bíi gàrí tó dà sílẹ̀. Kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà mi, píksẹ́lì 1280 ní ìbú àti 720 ní gíga ni. Mo ra èyí tó jẹ́ 1920 àti 1080, mo fi sí orí rẹ̀. Lọ́sàn-án ó dára díẹ̀. Lálẹ́, kò sí ìyàtọ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Mo wá lóye pé kì í ṣe iye píksẹ́lì ló ṣàìtó, ìmọ́lẹ̀ ló ṣàìtó. Ìdérí kọ̀ǹpútà tín-ín-rín, kámẹ́rà tó lè wọ inú rẹ̀ kò lè tóbi ju ẹyọ àgbàdo kan lọ, ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sì kéré gan-an. Nígbà tí yàrá bá ṣókùnkùn, nǹkan méjì ló lè ṣe. Ó lè fi agbára gbé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó rí ga, hóró-hóró wọ̀nyẹn á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún lè ṣí ojú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Dípò àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 15 ni á máa yà, ọwọ́ yín á sì máa fa ìrù bí ẹ bá gbé e sókè. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìpàdé náà á fún àwòrán pọ̀ kó lè rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn hóró-hóró náà á sì gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti ojú yín.

Ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án ni pé mo yí tábìlì padà. Fèrèsé wà lẹ́yìn mi tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ń wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi, ó ń rò pé ibi náà mọ́ jù, ó sì ń dín gbogbo rẹ̀ kù títí ojú mi fi di òjìji. Mo wá kọ ojú sí fèrèsé náà. Lálẹ́, mo gbé iná tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri funfun tó wà níwájú mi. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ògiri gbòòrò, ó rọ̀, kì í sì í tàn sára awò ojú mi bí èyí tó bá wá tààrà. Mo pa iná náà, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án, mo ń wo àwòrán ara mi. Nígbà tí iná náà wà, kámẹ́rà àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi owó rà nígbà tí kò sí iná.

Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn lójú àwòrán, iná mànàmáná ló ń ṣẹ́jú ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti lè yan 50 Hz tàbí 60 Hz nínú ètò kámẹ́rà yín, kí ẹ yan èyí tó bá iná ibẹ̀ mu. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà náà. Ìka wa máa ń kàn án nígbà tí a bá ń ṣí ìdérí, ọ̀rá ìka yẹn sì máa ń fi kùrukùru bo gbogbo nǹkan.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà tán tí àwòrán kò sì tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wo fóònù yín kí ẹ tó lọ ra kámẹ́rà. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù sábà máa ń ju ti inú kọ̀ǹpútà lọ fíìfíì. Àwọn tó ń lo iPhone àti Mac ní i lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà macOS Ventura ti ọdún 2022, Continuity Camera ni wọ́n ń pè é. Láti Android 14, àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi wáyà USB so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lè yan Webcam nínú ìfitónilétí USB tó bá jáde. Fóònù tí kò bá ní i, áàpù bíi DroidCam lè ṣe é. Fóònù náà á gbóná, bátìrì rẹ̀ á sì máa lọ, nítorí náà ẹ fi wáyà sí i, kí ẹ gbé e sí ibi tó bá ojú yín dọ́gba. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu níbi ìpàdé ènìyàn púpọ̀ o, nítorí pé àpótí kékeré kan lẹ ó jẹ́ lójú wọn, ìpàdé náà kì í sì í fi gbogbo píksẹ́lì yín ránṣẹ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn: máìkì USB ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, Bulutúùtù fún etí nìkan, iná tó kọ ojú sí ògiri. Obìnrin tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹfà yẹn ṣì wà lára àwọn tí mo ń túmọ̀ fún. Lóṣù tó kọjá, a tún dá ọjọ́ kan, ọjọ́ kẹsàn-án náà ni. Mo mọ̀ pé ohùn mi dára láti ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo rí i lójú fídíò pé íápíìsì Bulutúùtù wà létí òun náà, máìkì rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí tirẹ̀ bá ti wọ ọ̀nà ìpè, ohun yòówù tí mo bá fi ránṣẹ́, gígé ló máa gbọ́ ọ. Mo wá sọ pé, "Ọjọ́ kẹsàn-án, èyí tó tẹ̀ lé ọjọ́ kẹjọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án." Mo kọ ọ́ síbi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ìpàdé náà pẹ̀lú: 9.